Ìlà Wo Ni Kò Tẹ́ Yín Lọ́rùn?

Nígbà tí òkú àgbà bá ti wọ káà ilẹ̀ tán, tí wọ́n ti tú àtíbàbà, tí àwọn olórin ti lọ, bíìlì ló kù. Nínú gbogbo bíìlì tó máa ń wọlé lẹ́yìn ìnáwó, ti atẹ̀wé ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí alásè bá ní òun lo àpò ìrẹsì mẹ́fà, kò sẹ́ni tí kò mọ iye tí àpò ìrẹsì kan jẹ́. Bí ẹni tó ya àga fún wa bá ní igba àga ni òun kó wá, ojú wa ló ṣe kó o wá. Ṣùgbọ́n ta ló mọ iye tí pléètì jẹ́? Ta ló tiẹ̀ mọ̀ pé a lo pléètì? Ohun tí oníbàárà rí kò ju ìwé ètò ìsìnkú pẹlẹbẹ kan, tó fúyẹ́ lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ àlejò fi ń fẹ́ ara wọn nígbà tí oòrùn ń pa wọ́n.

Nítorí náà, tí ọmọ olóògbé bá pariwo pé owó ìwé náà ti pọ̀ jù, kì í ṣe pé ó burú. Nǹkan tí kò fojú rí ni wọ́n ní kó sanwó fún. Iṣẹ́ atẹ̀wé ni láti fi hàn án, kì í ṣe láti bá a jà. Bí wọ́n ṣe ń fi í hàn án ni mo fẹ́ kọ́ sísọ nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan, irú èyí tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú l'Ékòó ń ṣe lójoojúmọ́. Ìdílé kan fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn, ẹ̀dà 500. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdajì pépà A4, ìyẹn A5. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ló wà nínú, èèpo ẹ̀yìn sì jẹ́ ojú mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ mèremère, pépà dídán ni inú, èèpo nípọn, wọ́n sì fi ọ̀rá lamínéṣọ̀n bò ó. Àkọ́bí olóògbé, obìnrin, ló ń bójú tó o. Atẹ̀wé sọ fún un pé iṣẹ́ náà yóò jẹ́ ₦404,000, ó sì san ₦250,000 sílẹ̀. Gbogbo iye tí mo máa dárúkọ níhìn-ín, ti àpẹẹrẹ ni, nítorí owó pépà kì í dúró sójú kan. Bí ìṣirò náà ṣe lọ ni kí ẹ máa wò.

Wọ́n tẹ ìwé, wọ́n sìnkú, ó dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, atẹ̀wé fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: “Títẹ ìwé ètò, ẹ̀dà 500: ₦420,000. Ẹ ti san ₦250,000. Ó ku ₦170,000.” Kò pé wákàtí kan tí èsì fi dé lórí Wásáàpù:

“Ẹ̀yin atẹ̀wé yìí, ṣé pé ₦840 ni ìwé kan? Ọ̀rẹ́ mi tẹ tiẹ̀ lóṣù tó kọjá, ₦500 lẹ́yọ, ó sì dára ju tiyín lọ. ₦404,000 lẹ sọ fún mi, báwo ló ṣe di ₦420,000? Ẹ má fi òkú bàbá wa jẹun o. Mi ò san kọ́bọ̀ kún un mọ́.”

Ẹ tún un kà. Bí ìbínú ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, ìbéèrè méjì péré ló wà níbẹ̀. Èkíní: kí ló dé tí tèmi fi jẹ́ ₦840 nígbà tí ti ẹlòmíràn jẹ́ ₦500? Èkejì: níbo ni ₦16,000 ti wá? Ìyókù, ọ̀rọ̀ ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tí owó sì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Atẹ̀wé tó bá gbọ́n kò ní fèsì sí ọ̀rọ̀ òkú jíjẹ yẹn rárá, bó ti wù kó dùn ún tó. Ìbéèrè méjì yẹn ni yóò dáhùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á gbé fóònù sẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko: dọ́là ti gun òkè, dísù wọ́n, iná kò sí, ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí. Òótọ́ lè wà nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Dọ́là tó gun òkè fún atẹ̀wé yìí náà ló gun òkè fún atẹ̀wé ọ̀rẹ́ obìnrin yìí. Àwọn mìíràn a sì sáré yọ owó: “Ẹ má bínú mà, ẹ mú ₦120,000 wá.” Ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù lójú tèmi. Bí ₦50,000 bá lè jábọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún láìsí ìdí kan, oníbàárà ti rí ẹ̀rí pé lóòótọ́ ni wọ́n bu owó lé e lórí. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní gba iye kankan gbọ́ lẹ́nu atẹ̀wé náà mọ́.

Èsì àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ìlà méjì lọ: “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Mo ti rí ọ̀rọ̀ yín. Lọ́la kí aago mẹ́wàá tó lù, màá fi àlàyé owó náà ránṣẹ́ sí yín ní ìlà-ìlà.” Ó ti tó. Ìbínú oníbàárà yóò rọ̀ díẹ̀ nítorí pé ó mọ ìgbà tí èsì yóò dé, atẹ̀wé náà yóò sì ní òru kan láti wá ìwé rẹ̀.

Wíwá ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Kó tó kọ ìlà kankan, ó gbọ́dọ̀ kó nǹkan mẹ́rin jọ: iye tó kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà, púrúùfù tí oníbàárà fọwọ́ sí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí Wásáàpù lẹ́yìn ìfọwọ́sí náà, àti ìwé ibi tí wọ́n ti kó ẹrù jáde. Nínú èyí tó kẹ́yìn yìí, atẹ̀wé wa rí nǹkan kan tí kò retí. Ó ka ₦12,000 mọ́ owó láti gbé ìwé lọ sílé oníbàárà, ṣùgbọ́n àbúrò olóògbé ló fi mọ́tò ara rẹ̀ wá kó ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì buwọ́ lùwé. Bó bá jẹ́ pé ó ti fi ohùn jà lálẹ́ àná pé kò sí kọ́bọ̀ tó lé, ibo ni ì bá fi ojú sí? Ẹni tó bá fẹ́ tú owó rẹ̀ palẹ̀ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u palẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ó wá kan ìlà kíkọ. Ìlà tó dára ń sọ ohun mẹ́rin: ohun tí wọ́n rà tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, iye rẹ̀, owó ẹyọ kan, àti àpapọ̀. “Pépà: ₦120,000” kì í ṣe ìlà, ìbéèrè tuntun ni. “Pépà dídán fún inú ìwé, 300, ₦250 ẹyọ kan, ₦75,000” ni ìlà. Oníbàárà lè gbé ìyẹn lọ sọ́jà, kó bi ẹni tó ń ta pépà.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó. Ìlà kọ̀ọ̀kan tí ojú oníbàárà kò tó gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn kan lábẹ́ rẹ̀ tó sọ ìdí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí pléètì, nítorí ibẹ̀ ni ìjà máa ń pọ̀ sí.

Pléètì ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán ojú ìwé sí lára, tí wọ́n sì máa ń so mọ́ ẹ̀rọ kó lè gba yíǹkì. Àwọ̀ kan ni pléètì kan ń tẹ̀. Gbogbo fọ́tò tí a rí nínú ìwé, yíǹkì mẹ́rin péré ló para pọ̀ di í: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Nítorí náà, ojú pépà kan tó ní fọ́tò aláwọ̀ kò lè ṣe kó má gba pléètì mẹ́rin. Lórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ yìí gùn, ojú ìwé mẹ́jọ ló ń wọ ojú kan pépà lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rìndínlógún inú ìwé náà gba iwájú àti ẹ̀yìn, ìyẹn pléètì mẹ́jọ. Èèpo gba mẹ́rin péré, nítorí pé wọ́n fi ọgbọ́n to ìta àti inú èèpo sórí pléètì kan náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí pépà padà, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Àpapọ̀ pléètì méjìlá, ₦4,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦48,000.

Pépà náà ní tirẹ̀. Pépà ńlá tí wọ́n ń rà lọ́jà, ínṣì 25 sí 36, méjì ni wọ́n ń gé e sí kó tó wọ ẹ̀rọ. Ìdajì kan ni inú ìwé kan, torí náà ẹ̀dà 500 yẹ kó gba 250 pépà ńlá. Kí ló dé tí wọ́n fi kọ 300? Nítorí pé ẹ̀rọ kì í bẹ̀rẹ̀ kó sì mú àwọ̀ dáadáa lẹ́sẹ̀ kan náà. Pépà tó kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá máa ń jáde pẹ̀lú ojú tó pọ́n jù, tàbí àwọ̀ tí kò bára mu, bí ìgbà tí ètè ènìyàn bá ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn yẹn, ṣe ni wọ́n ń sọ wọ́n nù. Àwọn mìíràn tún ń bàjẹ́ nígbà kíká àti gígé etí. Oníbàárà tó bá rí 300 láìsí àlàyé yóò ní wọ́n fi àádọ́ta pépà ṣe tara wọn. Bó bá rí gbólóhùn kan péré, “àádọ́ta ni ẹ̀rọ máa ń jẹ kí àwọ̀ tó dúró,” ọ̀rọ̀ ti tán. Atẹ̀wé tó mọ iṣẹ́ a tilẹ̀ máa tọ́jú díẹ̀ lára àwọn tó bàjẹ́ náà títí wọ́n á fi sanwó tán.

Níbi ìyàtọ̀ ₦840 àti ₦500 ni gbogbo àlàyé yìí ti wúlò jù. Ọ̀rẹ́ obìnrin yìí kò purọ́. Atẹ̀wé wa náà kò jalè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó bi oníbàárà rẹ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀dà mélòó ni ọ̀rẹ́ yín tẹ̀?” Ìdáhùn náà jẹ́ 2,000.

Àwọn owó kan wà tí kì í yípadà bí ẹ̀dà ṣe ń pọ̀ sí i. Yálà ènìyàn tẹ ìwé kan ni o, tàbí ẹgbẹ̀rún méjì, iye pléètì kan náà ni, ẹni tó to ìwé sórí kọ̀ǹpútà tò ó lẹ́ẹ̀kan ni, púrúùfù kan náà ni wọ́n tẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, títò jẹ́ ₦50,000, púrúùfù ₦6,000, pléètì ₦48,000: àpapọ̀ ₦104,000. Tí ẹ bá pín in sórí 500, ìwé kọ̀ọ̀kan ti ru ₦208 kó tó kan pépà rárá. Tí ẹ bá pín in sórí 2,000, ₦52 ni. Owó ẹ̀rọ náà jọ ọ́, nítorí pé iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà lórí pléètì kan ni ti ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tó tẹ 500 san owó ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí atẹ̀wé wa fi iye tirẹ̀ gan-an ṣírò ẹ̀dà 2,000, pẹ̀lú pépà, lamínéṣọ̀n àti owó iṣẹ́ tirẹ̀, mílíọ̀nù kan náírà ló bọ́ sí. Ẹyọ kan, ₦500. Iye tí ọ̀rẹ́ náà san gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé kò sí àrà tó dá níbẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ atẹ̀wé kejì ní búburú. Ọ̀pọ̀ ni ì bá ti sáré ní “pépà burúkú ni wọ́n lò fún wọn.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò rí ìwé náà kò lè mọ̀. Ìṣirò tirẹ̀ nìkan ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ₦16,000. Ibí yìí ni atẹ̀wé wa kò ti mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ pátápátá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí púrúùfù tí wọ́n sì ti ṣe pléètì, ọmọ olóògbé kọ̀wé sí i pé: “Ẹ bá wa pààrọ̀ fọ́tò ojú ìwé kejìlá, ọmọ àbúrò mi kan kò sí nínú rẹ̀.” Atẹ̀wé fèsì: “Ó dára mà.” Kò sọ iye tó máa ná wọn. “Ó dára mà” yẹn ló bí ìjà. Lójú oníbàárà, fọ́tò kan péré ni wọ́n pààrọ̀, bí ẹni yọ fọ́tò kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kejìlá wà lára mẹ́jọ tó jọ wà lórí pléètì mẹ́rin kan náà. Fọ́tò sì ní àwọ̀ mẹ́rin nínú. Láti pààrọ̀ ẹyọ fọ́tò kan, pléètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di àjákù, wọ́n sì ṣe mẹ́rin tuntun. Ká ní orúkọ ọmọ náà nìkan ni wọ́n ní kó tún ṣe, tí ó sì jẹ́ lẹ́tà dúdú lórí pépà funfun, pléètì dúdú kan ṣoṣo ni ì bá yí, ₦4,000.

Ṣé ó yẹ kó gba owó yẹn nígbà tí kò sọ ọ́ ṣáájú? Àwọn atẹ̀wé kò fẹnu kò lórí èyí. Lérò tèmi, ó lè gba owó pléètì, nítorí pé ọjà ló ti rà á lórí ọ̀rọ̀ oníbàárà, ọ̀rọ̀ náà sì wà ní àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi owó àtúntò kún un, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé òun ni ì bá ti sọ iye náà. Bó bá fi ìyẹn pamọ́, oníbàárà ni yóò sọ ọ́, nígbà náà ó ti di ẹ̀sùn.

Ohun kan tún wà tí àwọn oníṣòwò ń bẹ̀rù láti kọ: èrè. Ọ̀pọ̀ ń pa á mọ́ sínú pépà, wọ́n á kọ pépà ₦250 sí ₦400. Ewu ńlá ni. Ẹnikẹ́ni lè pe ọjà béèrè owó pépà. Ìlà tó bá ti dójú tì wọ́n bẹ́ẹ̀, ó ti ba gbogbo ìyókù jẹ́. Kí wọ́n kọ iye pépà bí wọ́n ṣe rà á, kí wọ́n sì fi owó tiwọn sí ìlà tirẹ̀, kí wọ́n pè é ní owó iṣẹ́ àti àbójútó. Mo ti rí oníbàárà tó bá owó pépà jà títí, síbẹ̀ ṣọ̀wọ́n ni mo rí ẹni tó bá atẹ̀wé jà pé kó má jẹ èrè rárá.

Ohun tí atẹ̀wé wa fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyí:

“Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi irú rẹ̀ gbà á láìpẹ́. Àlàyé tí mo ṣèlérí rèé.

Títo ìwé, ojú 20, ₦2,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦50,000
Púrúùfù aláwọ̀ kan: ₦6,000
Pléètì 12, ₦4,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦48,000
Pépà inú 300, ₦250 ọ̀kọ̀ọ̀kan (àádọ́ta wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ máa ń jẹ kí àwọ̀ tó dúró): ₦75,000
Pépà èèpo 90, ₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦45,000
Owó ẹ̀rọ, pléètì 12, ₦3,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦42,000
Lamínéṣọ̀n èèpo, 140, ₦150 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦21,000
Kíká, lílu pín-ìnnì àti gígé etí, ẹ̀dà 500, ₦100 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦50,000
Owó iṣẹ́ àti àbójútó: ₦55,000
Àtúnṣe fọ́tò ojú ìwé 12 lẹ́yìn ìfọwọ́sí, pléètì 4: ₦16,000
Àpapọ̀: ₦408,000. Ẹ ti san ₦250,000. Ó ku ₦158,000.

Mo yọ ₦12,000 kúrò nínú ti àná, nítorí ẹ̀yin lẹ fúnra yín kó ìwé. Àṣìṣe tèmi ni. Lórí fọ́tò, mo fi ọ̀rọ̀ yín ti alẹ́ ọjọ́ náà sísàlẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí n ti sọ iye rẹ̀ kí n tó ṣe é, ìdí nìyẹn tí n kò fi ka owó títò mọ́ ọn. Ní ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ bá mi bi wọ́n iye ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀. Bó bá jẹ́ 2,000, iye tí èmi náà yóò gbà nìyẹn, nítorí owó títò àti pléètì kan náà ni wọn yóò pín sórí ìwé tó pọ̀ ju tiyín lọ.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìlà wo ni kò tẹ́ yín lọ́rùn? Màá ṣàlàyé rẹ̀ sí i.”

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó gbé ìjà kúrò lórí “owó yín ti pọ̀ jù,” tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní òpin, ó gbé e lọ sórí ohun kan tí a lè fọwọ́ tọ́ka sí. Bí oníbàárà bá ní lamínéṣọ̀n ni, wọn yóò sọ̀rọ̀ lórí ₦21,000, kì í ṣe lórí ₦408,000. Bí kò bá sì rí ìlà kankan tọ́ka sí, síbẹ̀ tí kò fẹ́ sanwó, atẹ̀wé ti mọ̀ nísinsìnyí pé kì í ṣe iye owó ló ń dà á láàmú, owó ni kò sí. Ìyẹn ní ìwòsàn tirẹ̀: kí wọ́n pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Kò sí ìdí láti yọ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe fún gbogbo ìjà o. Bí oníbàárà bá ní àwọ̀ ojú bàbá òun dúdú jù, tàbí pé 460 ni ẹ̀dà tí òun kà, ìlà owó kò lè dá a lóhùn. Púrúùfù tí ó fọwọ́ sí ni wọn yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé lójú iná ọ̀sán, tàbí kí wọ́n jọ ka ìwé náà. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà pléètì dá ẹni tó ń sunkún fọ́tò lóhùn, iná ló ń fẹ́.

Bákan náà, bí ó bá jẹ́ pé iye kan gbáko ni wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí ohunkóhun kò sì yípadà, kò yẹ kí atẹ̀wé máa tú inú rẹ̀ síta lẹ́yìn iṣẹ́. Àdéhùn ni àdéhùn. Tó bá tú u, ó ti pe oníbàárà wá ná ọjà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, lórí iye tí wọ́n ti ná tán. Nínú irú iyẹn, ohun tó yàtọ̀ sí àdéhùn nìkan ni kó ṣàlàyé. Atẹ̀wé wa lè dúró lórí ₦404,000 rẹ̀, kó ṣàlàyé ₦16,000, kó yọ ₦12,000. Ìdí tí mo fi ní kó tú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹnu lásán ló fi sọ iye ti àkọ́kọ́, kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá já sí pàbó ńkọ́? L'Ékòó, láti ọdún 2018 ni ilé-ẹjọ́ àkànṣe ti wà fún gbèsè kéékèèké tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tí ènìyàn lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà. Gbèsè tó bá ní iye kan pàtó ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, olùpẹ̀jọ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé béèrè owó rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ní ìlà mẹ́wàá tó mọ́ gaara, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tó fi ránṣẹ́, ti ní ìwé tí adájọ́ yóò fẹ́ rí. Ẹni tó ní ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta nípa dọ́là kò ní nǹkan kan, yàtọ̀ sí pé wọ́n lè gbọ́ èébú rẹ̀ nínú kóòtù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún atẹ̀wé, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí púrúùfù, ẹ pe gbogbo ọmọ ilé jọ, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ gbogbo àwọn ọmọ-ọmọ pé, bóyá fọ́tò ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ti ọdún tó lọ. Bí ẹ bá sì rántí nǹkan lẹ́yìn ìfọwọ́sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, “Èló ni pípààrọ̀ yìí?” kí ẹ tó ní kí wọ́n ṣe é.